Ọdún Mẹ́ta Nínú Oòrùn, Póìntì Mẹ́jọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Lọ́dún 2022, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú 230, mo dáhùn ìbéèrè 180, mo sì gba PMP, ìwé ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ PMI ní Amẹ́ríkà ń fún àwọn tó ń darí iṣẹ́ àkànṣe. Ìyá Ìbejì se ìrẹsì, a pe ará ilé, a fi férémù sí ìwé náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹni tó bá yege nínú wáẹ́ẹ̀kì, ta ló tún ń pè é padà wá sí họ́ọ̀lù lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta?

Àṣé PMP kì í ṣe wáẹ́ẹ̀kì. Ìwé ọkọ̀ ni, ọjọ́ ń pé lórí rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ gbọ́dọ̀ kó 60 póìntì jọ kí wọ́n tó tún un ṣe fún yín. PDU ni wọ́n ń kọ sójú ẹ̀rọ, wákàtí ẹ̀kọ́ kan sì ni póìntì kan. Mo ka ìwífún yìí lọ́jọ́ tí mo yege, mo ní ọdún mẹ́ta pọ̀ bí omi òkun. Mo tún un kà nígbà tó ku oṣù mẹ́rin. Òdo ni mo ní.

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí kì í ṣe òdo náà. Mo ní kí ló dé, ṣebí iṣẹ́ yìí náà ni mo ń ṣe lójoojúmọ́? Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, mo ti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní ọ̀nà Ìbàfò, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Mo ti bá oníyẹ̀pẹ̀ jà, mo ti bẹ ọmọ onílẹ̀, mo ti dúró nínú òjò ka àpò sìmẹ́ǹtì tó ń dín kù láìsí ẹni tó jẹ ẹ́. Mo lọ wo iye póìntì tí iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe gan-an lè mú wá. Mẹ́jọ. Fún odindi ọdún mẹ́ta, 8 ni òpin rẹ̀, ì báà jẹ́ afárá Níjà lẹ kọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sílé, tí mo gbọ́ ẹnìkan tó ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, póìntì kan nìyẹn. Bí mo bá gbọ́ ọ fún wákàtí mẹ́sàn-án, mo ti borí ara mi tó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Mo ṣàlàyé èyí fún fóòmánì mi. Ó wò mí títí, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ká máa gbọ́ ọ.”

Kí n tó máa bú ènìyàn lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin náà ṣe rí, nítorí àìmọ̀ ọ́n ni ó kó mi sí gbèsè. Nínú 60 náà, ó kéré tán 35 gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́. Èyí tó kù, tí kò gbọdọ̀ ju 25, lè jẹ́ èyí tí ẹ fi ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́: kíkọ́ ẹlòmíràn, sísọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹ́. Póìntì mẹ́jọ tó ń bí mi nínú náà, abẹ́ 25 yìí ló wà. Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ tún pín sí mẹ́ta, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní 8, ó kéré tán, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni Ways of Working, ìyẹn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ létòlétò. Èkejì ni Power Skills, bí a ṣe ń bá ènìyàn lò. Ẹ̀kẹta ni Business Acumen, bí òwò ilé iṣẹ́ ṣe ń mówó wọlé. Ẹni tó bá ní 50 nínú èkíní, tí kò ní nǹkan kan nínú ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni.

Èmi ò mọ èyí nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ dùn bíi ti pásítọ̀ tó ń wá ìdámẹ́wàá. “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ méjì péré, hòtẹ́ẹ̀lì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, póìntì 16, ₦120,000. Ẹ ò ní kábàámọ̀.” Mo ṣe ìṣirò, mo ní ó sàn ju kí n máa ṣa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sanwó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú wa yìí, ẹ mọ bó ṣe rí. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ síwèé, aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni olùkọ́ dé, ó ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. A gbàdúrà. A kọ orin orílẹ̀-èdè. Olúkúlùkù sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìgbà Gowon. A mu tíì, a jẹ ẹran yíyan. A ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì a tún ya òmíràn nítorí pé ẹni tó ni àsíá ìpolówó kò sí níbẹ̀ lánàá. Nígbà tí mo jókòó tí mo yọ oúnjẹ, àdúrà àti fọ́tò kúrò, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ jẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi kọ 16 gàdàgbà.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáà kọ 16 síbẹ̀, ta ni yóò mọ̀?” Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ PMI máa ń ṣa àwọn ènìyàn kan jáde láìròtẹ́lẹ̀, wọn a ní kí wọ́n kó ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí náà sì ni ìwé tó fi ọjọ́, kókó ẹ̀kọ́ àti iye wákàtí hàn. Tí ètò ọjọ́ méjì náà, tí oúnjẹ ọ̀sán wà nínú rẹ̀, bá wà nínú fáìlì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ 16, èmi fúnra mi ni mo mú ẹjọ́ ara mi lọ sílé ẹjọ́. Mo kọ 9. Wákàtí mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ló sì bọ́ sí abẹ́ Ways of Working, ibi tí kò ti ní ṣòro fún mi rárá láti rí ẹ̀kọ́. Ẹ pín ₦120,000 sí mẹ́sàn-án. Ó lé ní ₦13,000 lórí póìntì kan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ahun. Mo búra pé mi ò ní san kọ́bọ̀ mọ́ lórí póìntì, mo sì mú ìbúra náà ṣẹ, àfi owó dátà.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ń rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wo lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ProjectManagement.com. Èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló dára jù fún ará ìlú wa, nítorí èyí tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀ lágogo méjìlá ọ̀sán ní New York, agogo márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, nígbà tí mo wà lórí afárá Third Mainland tí ọkọ̀ kankan kò sún. Lóru ni mo ń wò ó. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ wákàtí kan, tí ẹ bá sì wò ó tán, póìntì rẹ̀ ń wọ ìwé yín fúnra rẹ̀. Tán ni mo wí o. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ti wo ìṣẹ́jú àádọ́ta tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi kú. Nígbà tó jí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti tún un wò. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ń kọ́ wa ní sùúrù.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ wákàtí 14 lórí bí a ṣe ń bá ènìyàn lò, mẹ́rin lórí òwò, mẹ́jọ lórí ọ̀nà iṣẹ́. Ìyá Ìbejì jí lóru ọjọ́ kan, ó gbọ́ ohùn obìnrin tó ń sọ pé ká máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì wa dáadáa. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ta ni yẹn?” Mo ní póìntì ni. Ó ní kí póìntì náà bá mi sọ ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé tí òun ti ń sọ láti ọjọ́ Àìkú.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ìwé kíkà. Ìwé tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ náà, wákàtí tí ẹ fi kà á jẹ́ póìntì, ẹ ò sì nílò olùkọ́ tàbí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ sáà kọ orúkọ ìwé, ọjọ́, iye wákàtí àti ohun tí ẹ rí kọ́. Mo ní ìwé méjì tí mo ti rà láti ọdún 2019 tí aláǹtakùn ti ń gbé inú wọn. Mo ka èkíní fún wákàtí mẹ́jọ, ọ̀nà iṣẹ́ nìyẹn. Mo ka èkejì fún márùn-ún, òwò nìyẹn. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ mi ni mo ń kọ ohun tí mo kà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò rẹ̀, tìṣà rẹ̀ sì fi pẹ́ńsù pupa bi mí léèrè ìwé ta ni.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí àbúrò ọ̀rẹ́ mi tó ń kàwé fún ìdánwò PMP. Mo ti kọ́ ọ fún wákàtí mẹ́fà ní gbàgede wa, mo sì rò pé ojú àánú lásán ni. Póìntì mẹ́fà ni. Ìyẹn àti mẹ́jọ ti iṣẹ́, ó jẹ́ 14. Ẹ̀kọ́ jẹ́ 48: 25 ní ọ̀nà iṣẹ́, 14 ní ti ènìyàn, 9 ní ti òwò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 62. Gbogbo rẹ̀, àfi mẹ́sàn-án ti hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀fẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n póìntì nìkan kò tó, owó àtúnṣe ṣì wà níbẹ̀. 60 dọ́là ni ọmọ ẹgbẹ́ ń san, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ń san 150. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báǹkì, 60 dọ́là kò tó ₦28,000. Nígbà tí tèmi pé, ó ti súnmọ́ ₦1,500, ìyẹn ₦90,000. Tí mi ò bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni, ₦225,000 ni ǹ bá san. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kó fi owó ìwọlé ọdún kan wé 90 dọ́là tó wà láàárín méjèèjì kó tó tẹ bọ́tìnnì, kó má sì gbàgbé àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́.

Mo ronú pé kí n jẹ́ kó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ti jẹ́ kí tirẹ̀ lọ. Wọ́n so ó rọ̀ fún ọdún kan, kò lè kọ PMP lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọdún náà parí láìsí póìntì, ó di ìdánwò tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rántí ìṣẹ́jú 230 yẹn, bó ṣe ń ṣe mí bíi kí n tọ̀, tí ẹni tó ń ṣọ́ wa ń wò mí bí olè. Mo san ₦90,000.

Ímeèlì ìkíni dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo dúró kí ayọ̀ tán, mo tún lọ wo ojú ìwé mi. Ọdún mẹ́ta tuntun ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kọ 60 síbẹ̀ pé kí n wá kó o jọ. Mo ní ẹ dúró ná, mo ní èyí tó ṣẹ́kù. Lóòótọ́, póìntì tó bá lé, tí ẹ rí ní ọdún tó kẹ́yìn, ń tẹ̀lé yín lọ sí ọdún tuntun, títí dé 20. Tèmi ti wà níbẹ̀. Mo pe Ìyá Ìbejì kó wá wò ó.

Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó wo fóònù náà. “Méjì?”

Mo ní méjì ni, ó ku 58.