Ẹ Bá Mi Bi Wọ́n: Ẹsẹ̀ Mi ni Wọ́n Fẹ́ Kà àbí Ilé Mi?

Nọ́ọ̀sì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ọsibítù àdúgbò wa n'Ìbàdàn, ó wo nọ́ńbà tó jáde, ó wo ikùn mi, ó tún wo nọ́ńbà. "Bàbá, ẹ máa rìn o. Ẹ jẹ́ kí fóònù yín máa bá yín ka ìṣísẹ̀." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíkà ni. Ení, èjì, ẹ̀ta, kí n rìn délé, kí fóònù sọ iye rẹ̀ fún mi, kí n fi ọkàn balẹ̀ jẹ àmàlà mi.

Ẹ wá wo ohun tí mo bá pàdé. Mo gba áàpù sórí fóònù, kó tó ka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó na ìwé kan sí mi tó gùn ju ẹjọ́ ogún ilé olórogún mẹ́sàn-án lọ. Wọ́n pè é ní ìlànà ìpamọ́ àṣírí. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ "I agree" sí i, ó ń dán. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló máa ń tẹ̀ ẹ́ kí ojú wọn tó kan ìwé. Èmi kọ́. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo rí ọkùnrin kan tó tẹ̀ka síwèé láìkà á. Ilé epo ló wà lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ báyìí. Mo wọ awò ojú mi, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"A bọ̀wọ̀ fún àṣírí yín." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àyà mi sì já. Ìwé tó bá ti fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, nǹkan ló fẹ́ gbà. Wọ́n wá to ohun tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, bí mo ṣe ga tó, bí mo ṣe wúwo tó, bí ọkàn mi ṣe ń lù, oògùn tí mò ń lò, ìgbà tí mo sùn, ìgbà tí mo ta jí lóru. Ìyàwó mi tí a jọ ń sùn láti ọjọ́ yìí kò béèrè rí. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n ní àwọn á máa gba ibi tí mo bá wà, ibi tí mo wà gan-an, yálà mo ń lo áàpù náà tàbí n kò lò ó.

Ẹ dúró ná. Yálà mo ń lò ó tàbí n kò lò ó? Bí mo bá jókòó tẹtẹrẹ sídìí ayò ọlọ́pọ́n, ẹsẹ̀ wo ni wọ́n ń kà níbẹ̀?

Mo ránṣẹ́ pe Wásíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀. Kí n tó sọ ẹjọ́ mi tán, ó ti tẹ bọ́tìnnì náà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Mo kígbe, ó ní, "Dádì, ẹ fara balẹ̀, a ó yọ ọ́ tó bá yá." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe sátẹ́láìtì ló ń ka ẹsẹ̀ rárá. Ohun tíntìntín kan wà nínú fóònù tó máa ń mọ̀ ọ́n bí fóònù bá mì, àti ibi tó mì sí. Bí èèyàn bá ń rìn, mímì náà máa ń wá déédéé, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, òun ni fóònù ń kà. Kò mọ̀ bóyá Mọ́kọ́lá ni mo wà tàbí Mẹ́kà. Sátẹ́láìtì kò wúlò ju pé kó ya ọ̀nà tí mo gbà sórí máàpù, kó sì wọn bó ṣe jìn tó. Wíwọn ọ̀nà náà pàápàá, a lè fojú díwọ̀n rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tẹ̀ lé mi: bí ìṣísẹ̀ mi kan bá jẹ́ mítà 0.7, ìṣísẹ̀ 5,000 di mítà 3,500, ìyẹn kìlómítà mẹ́ta àbọ̀. Ó lè fi díẹ̀ lé tàbí kó fi díẹ̀ dín. Kí ló kàn mí? Nọ́ọ̀sì kò ní kí n máa wọn ilẹ̀ kiri.

A dán an wò. Wásíù wọ inú ètò fóònù, ó dé ibi tí wọ́n kọ "Location" sí, ó tẹ "Don't allow". Ó fi èyí tí wọ́n ń pè ní "Physical activity" sílẹ̀, torí òun gan-an ni kíkà ẹsẹ̀ nílò. Mo ti fóònù bọ àpò, mo rìn dé títì, mo padà. Áàpù ti kà á pé. Kò mọ ibi tí mo lọ, ó sì kà á pé!

Kí n má fi irọ́ mọ́ wọn, ìgbà kan wà tí wọ́n ní àwíjàre. Wásíù ní bí èèyàn bá ní aago ọwọ́ tó máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, Android àtijọ́, láti orí ìkẹfà títí dé ìkọkànlá, kì í jẹ́ kí áàpù wá aago náà kàn àyàfi bí ó bá kọ́kọ́ gbàyè láti mọ ibi téèyàn wà. Láti orí Android 12 tó jáde lọ́dún 2021 ni wọ́n ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n pe ti aago ní "Nearby devices". Fóònù mi kì í ṣe ti àtijọ́. Aago tó wà lọ́wọ́ mi, àwọn ará ọ́fíìsì ló fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí.

Gbólóhùn tó wá bí mi nínú jù nínú ìwé náà ni èyí: "A máa ń yọ orúkọ yín kúrò kí a tó fún àwọn alábàáṣiṣẹ́ wa." Àwọn wo ni alábàáṣiṣẹ́? Wọn ò dárúkọ ẹnì kankan. Àwọn tí kò lórúkọ ló ń gba ohun tí wọ́n ti yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀.

Wásíù mú bébà, ó ní ká ṣe bí ẹni pé òun ò mọ̀ mí rí. Ó to àmì sórí rẹ̀. Àmì kan wà tí kì í kúrò lójú kan láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí di márùn-ún ìdájí: ibi tí onítọ̀hún ń sùn nìyẹn. Àmì kan náà máa ń yọ sí ọsibítù ní ọjọ́ tí wọ́n ń rí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Lóṣooṣù, ó máa ń lọ tò ní báńkì lẹ́yìn tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń wà lábẹ́ igi ọ̀gbẹ́ni aláyò. "Dádì, ta ni ẹ rò pé ó jẹ́?" Mi ò dáhùn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé èmi ni, wọ́n á sì tún fi kún un pé ayò náà, ńṣe ni wọ́n ń nà mí níbẹ̀.

Kì í ṣe Wásíù nìkan ló sọ ọ́. Lọ́dún 2013, Yves-Alexandre de Montjoye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìrìn àwọn mílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn tó ń lo fóònù. Wọ́n rí i pé bí èèyàn bá ti mọ ibi mẹ́rin péré tí ẹnì kan wà àti wákàtí tó wà níbẹ̀, ó tó láti ya ẹni náà sọ́tọ̀ láàárín gbogbo wọn nínú ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi mẹ́rin! Kí n tó jẹun ọ̀sán ni mo ti dé ibi mẹ́rin.

Strava ńkọ́? Áàpù àwọn tó ń sáré tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2017, wọ́n gbé máàpù ayé kan jáde tó ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn níbi tí àwọn oníbàárà wọn ti ń ṣeré ìdárayá. Kò sí orúkọ ẹnì kankan lórí rẹ̀. Nígbà tó di Oṣù Kínní ọdún 2018, Nathan Ruser, ọmọ ilé-ìwé gíga kan ní Ọsirélíà, tọ́ka sí i pé níbi tí òkùnkùn bolẹ̀ ní Síríà àti Afganísítáànì, àwọn ìlà kan ń tàn yòò nínú aṣálẹ̀. Àwọn sójà ni wọ́n ń sáré àárọ̀ yí bárékè wọn ká. Ibi tí ìjọba fi pamọ́ fún ọ̀tá, sójà tó fẹ́ dín ikùn kù ló yà á síta. Ẹ wá sọ fún mi pé wọ́n yọ orúkọ!

Bẹ́ẹ̀, ó ju kí wọ́n mọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹni tó bá ń lọ sí ọsibítù Arò l'Abẹ́òkúta lóṣooṣù, ṣé ó tún dìgbà tó bá kọ àìsàn rẹ̀ sínú áàpù? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọ ọ́. Obìnrin tó ń lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, àmì rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ onípolówó kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó gbọ́. Ìwé wọn pín in sọ́nà méjì: ọ̀rọ̀ ìlera lápá kan, ibi tí mo wà lápá kejì, bí ẹni pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n parí rẹ̀, mo bá ibi tí wọ́n ti ní àwọn lè yí ìwé náà padà nígbàkígbà, àti pé bí mo bá ṣì ń lo áàpù lẹ́yìn náà, mo ti gbà nìyẹn. Níbẹ̀ ni mo ti dìde dúró. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà wà nílẹ̀, Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lù ú ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ó ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà tó gba ìṣọ́ra jù. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ó ní ẹni tó bá ti gbà lè yí ọwọ́ padà, ó sì lè ní kí wọ́n pa ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́. Mo ka ìyẹn sí Wásíù létí lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pe ẹjọ́ ní kóòtù.

Mo jókòó, mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ìwé tó ní déètì àti àkòrí tí mo fàlà sí nídìí. Mo ní n kò fẹ́ mọ́, kí wọ́n pa gbogbo ohun tí wọ́n ní nípa mi rẹ́, títí kan ìrìn ráńpẹ́ tí mo rìn dé títì yẹn.

Wọ́n fèsì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n tún sọ pé àwọn bọ̀wọ̀ fún àṣírí mi. Wọ́n ní kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀, kí n fi àwòrán káàdì ìdánimọ̀ mi ránṣẹ́, àtojú àtẹ̀yìn, àti ìwé owó iná tí adírẹ́sì ilé mi wà lórí rẹ̀, kó lè dá àwọn lójú pé èmi ni.

Wásíù ní ká fi ránṣẹ́. Mo ní kó bọ́ síta.