Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà

Kò sí ẹbí tó ní gúrúùpù Wásáàpù tí kò ní Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà tirẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ kọ́ nìyẹn o, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí bàbá àgbàlagbà bá pa òwe, á ní òwe náà kò parí síbẹ̀ yẹn. Tí ẹnìkan bá fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́, á béèrè orí àti ẹsẹ tó ti wá, àwa tá a ti ń ṣe àmín bọ̀ á wá dákẹ́. Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, tàbí Lẹ́kí. Ibi yòówù kó wà, fọ́tò kóòtù àti táì ló gbé síwájú, fóònù kì í sì í jìnnà sọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣèèyàn burúkú. Òótọ́ ló sì sábà máa ń sọ, ibi tí wàhálà rẹ̀ ti wá gan-an nìyẹn. Ká ní òpùrọ́ ni, ádímíìnì ì bá ti yọ ọ́ tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ tí Màmá Òṣogbo fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ti rí i, ó ti pẹ́ tó ti ń kárí ayé. Wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Ṣáínà ló sọ ọ́, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọ lu èèyàn, ẹ má gbé e kúrò níbi tó wà rárá, torí pé iṣan inú ọpọlọ rẹ̀ á bẹ́. Kí ẹ mú abẹ́rẹ́, kí ẹ fi iná yan án, kí ẹ fi gún orí ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá títí ẹ̀jẹ̀ á fi kán. Tí ẹnu rẹ̀ bá ti wọ́, kí ẹ fa etí rẹ̀ méjèèjì títí tí wọ́n á fi pọ́n, kí ẹ wá gún ìsàlẹ̀ etí kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ara rẹ̀ á yá. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn.

Gbogbo wa pátá sì ni Màmá fẹ́ràn. Àmì ọfà méjì wà lórí iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà “Forwarded many times”. Wásáàpù kì í fi àmì yẹn sórí ohun tí kò bá tíì ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ nígbà márùn-ún ó kéré tán. Láti 2020 ni wọ́n sì ti fòté lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: gúrúùpù kan ṣoṣo lèèyàn lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n rò pé ìyẹn á mú un rẹ̀ wọ́n. Àwọn tó ṣòfin náà kò mọ irú sùúrù tí Màmá ní. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ó padà wá, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé rẹ̀, ó tún padà wá, kó tó wá kàn wá.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé tí Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà fi jí. Ó ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀, orúkọ Màmá sì hàn níbẹ̀ kedere, àti àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú gèlè. Ó fi àwọ̀ pupa fa àgbélébùú ńlá lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ó kọ “IRỌ́ NI!” sí i ní lẹ́tà gàdàgbà. Ó to líǹkì mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, ọ̀kan sì ń béèrè owó kéèyàn tó lè kà á. Ó wá fi gbólóhùn kan dé e lórí: “Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yẹ nǹkan wò kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.”

Ó jọ pé kò mọ ohun tó fọwọ́ kàn. Dádì Ìkẹjà kọ ọ́ pé: “Ta lò ń bá wí?” Àǹtí Àkúrẹ́ rán an létí ẹni tó san owó Wáẹ́kì rẹ̀, àti ẹ̀ẹ̀mejì tó san án. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó rántí rọpárọsẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ ilé là ń jíròrò, àti ẹni tó yẹ kó fi kọ́ ọmọ. Bọ̀dá wa ṣì ń fi líǹkì ránṣẹ́. Màmá kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó tó àkókò, ó jáde kúrò nínú gúrúùpù.

Ìparí iṣẹ́ náà ṣì wà lẹ́yìn. Bọ̀dá Ṣàgámù kì í ṣí fóònù rẹ̀ títí alẹ́ fi máa lẹ́. Àwọn ìjà ọjọ́ náà ti pọ̀ jù fún un láti kà, fọ́tò lójú rẹ̀ kọ́kọ́ bá. Ó rí àgbélébùú pupa, ó gbà pé ilé ìwòsàn ló fọwọ́ sí i. Ó ra abẹ́rẹ́ páálí kan lọ́jọ́ kejì. Bí ẹni tó fẹ́ pa irọ́ ṣe ń gbé e rìn síwájú nìyẹn: irọ́ náà fúnra rẹ̀ wà nínú fọ́tò, lódidi, ó sì rọrùn láti kà ju líǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Ẹ wá bi Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà pé, tí a kò bá ní í gún ìka, kí ni ká ṣe? Kò sí lórí ìlà. Ó ti lọ ń ṣàtúnṣe ní gúrúùpù àwọn tí wọ́n jọ ṣe yunifásítì.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé ẹ fi màmá sílẹ̀, ṣebí àgbà ni, kí ló fẹ́ ṣe? Èmi ò sí lára wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ẹ̀bólà wọ Nàìjíríà, irú iṣẹ́ báyìí náà ló gba orí fóònù káàkiri ní òru pé ká fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ nífẹ̀ẹ́ àwọn tó fi ránṣẹ́ sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán èèyàn méjì kú nínú àwọn tó mu omi iyọ̀ náà.

Ìyá Ìbejì ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyàwó ilé ni, nọ́ọ̀sì sì ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, láàárín ariwo, ó kọ nǹkan kúkúrú kan sí gúrúùpù: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Tí ẹnu ẹnikẹ́ni bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan kò ṣeé gbé sókè mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ wo aago, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi, ó lè há a lọ́fun.” Kò dárúkọ Màmá, kò sì dárúkọ abẹ́rẹ́. Ìdí tó fi yára kọ ìyẹn ni pé àìsàn yẹn kì í dúró de ìgbà tí ẹbí bá parí ìjà. Èyí tó kù lè dúró di ìrọ̀lẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ó pe Màmá. Orúnkún ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, àti iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé: “Màmá, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀, mo mọ̀ pé torí Bàbá ni.” Rọpárọsẹ̀ ló mú ọkọ Màmá lọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà náà mọ̀ ọ́n. Màmá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ká ní mo mọ̀ nígbà yẹn ni, mi ò bá ti gún un.”

Ìyá Ìbejì kò to àṣìṣe inú iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹyọ gbólóhùn kan ló mú nínú rẹ̀, èyí tó ní kí wọ́n má gbé aláìsàn. “Ẹni tó kọ ọ́ ló tàn yín, mà. Ọfà méjì tó wà lórí rẹ̀ fi hàn pé ọwọ́ yín kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀jẹ̀ dídì ló sábà máa ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ, nígbà míì sì rèé, iṣan ló bẹ́. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó jẹ́, àfi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, oògùn kan wà tó ń yọ́ ọ, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni. Àkókò yẹn náà ni iṣẹ́ yẹn ní ká fi jókòó máa gún ìka.”

Màmá kò gbà tán. Ó ní ọkùnrin kan ládùúgbò wọn, wọ́n gún un, ó sì dìde lójú òun. Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà ì bá ti ní irọ́ ni. Ìyá Ìbejì ní òótọ́ ni. Ó ní irú kan wà tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ máa ń dí fún ìgbà díẹ̀, tó sì máa ń ṣí fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tí wọ́n gún á dìde, ẹni tí wọn ò gún náà á dìde. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó máa ń jẹ́ ìkìlọ̀ pé ńlá ń bọ̀, ẹni tó dìde náà sì yẹ kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. “Ṣé ọkùnrin yẹn lọ, mà?” Màmá ní òun á béèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá Ìbejì wá sọ pé: “Ẹ̀yin làwọn ọmọ máa gbọ́ sí lẹ́nu jù mí lọ. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn.” Ó tún fún un ní ìmọ̀ràn kan tí mo rò pé ó lọ́gbọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀: kó fi ọ̀rọ̀ tuntun síta ná, kó tó yọ ti àtijọ́. Wásáàpù ń fún èèyàn ní nǹkan bí ọjọ́ méjì àbọ̀ láti fi “Delete for everyone” yọ ohun tó bá fi ránṣẹ́, àmọ́ á fi àpá sílẹ̀ níbẹ̀ pé wọ́n yọ nǹkan kan, gbogbo ẹbí á sì máa béèrè ohun tí màmá pamọ́. Tí ọ̀rọ̀ gidi bá ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tí á béèrè. Kó sì rí i pé òun yọ ọ́ ní gúrúùpù ìyá ìjọ àti ti ọmọ ilé ìwé náà, torí pé yíyọ ọ́ níbi kan kì í yọ ọ́ níbòmíì.

Ádímíìnì dá Màmá padà lọ́jọ́ kejì. Fóìsì nóòtì ló fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ohùn tó fi ń kéde ní ìjọ: “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ dáadáa. Ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fáwọn télọ̀. Kíákíá ni kẹ́ ẹ gbé èèyàn lọ, wákàtí mẹ́rin péré la ní. Ẹ sì lọ béèrè báyìí, ilé ìwòsàn wo ló ní ẹ̀rọ àwòrán orí nítòsí yín, torí gbogbo wọn kọ́ ló ní in.” Bọ̀dá Ṣàgámù fi àmín sí i, ó béèrè ẹni tó fẹ́ ra abẹ́rẹ́.

Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Mẹ́rin àbọ̀ ni, kì í ṣe mẹ́rin.”

Màmá dá a lóhùn: “O ṣeun, ọmọ mi. Tó o bá ti jẹun tán, pè mí.”