Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ilé ní Dallas

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo rí ilé Mesquite tí ẹ gbé sórí Instagram. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti gbà kí èèyàn kó ogún àwòrán jọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin náà ò sì fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ ló gbé mi dé. Ẹ fi "Ògo ni fún Ọlọ́run, ilé ayọ̀ ti dé o, ẹ̀yin ará!" bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan sí méjì péré ló máa ń hàn kí "more" tó gbé ìyókù mì. Ẹni tó ń wá ilé ò tíì mọ iye yàrá, kò mọ àdúgbò, kò sì mọ̀ pé àwòrán míì wà lẹ́yìn tàkọ́kọ́. Ó kàn ṣe àmín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Èmi tí mo jẹ́ àbúrò yín tẹ "more". Ẹ ní: "Àwòrán kẹrin, ilé ìdáná tó ń dán." Mo fà á dé ẹ̀kẹrin, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kí mi káàbọ̀! Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹ yọ àwòrán kan kúrò lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e jáde, gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e bá yẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ dárúkọ yàrá. Kí ẹ sì tò wọ́n bí àlejò ṣe máa rìn ín: ẹnu ọ̀nà, pálọ̀, ilé ìdáná, yàrá, ẹ̀yìnkùlé. Ẹ gbé wa láti báfù lọ sí gáréèjì, ẹ tún dá wa padà sí pálọ̀. Ẹsẹ̀ ń dun ìka mi.

Lẹ́ńsì tó ń fẹ ibi gbogbo yẹn ti sọ yàrá kékeré di pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀ kí onítọ̀hún mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀dì òun á wọ̀ ọ́. Ẹ má sì gé òkè ilẹ̀kùn kúrò nínú àwòrán. Amọ̀ Dallas máa ń wú bí òjò bá rọ̀, ó máa ń súnkì bí ọ̀dá bá dá, ìpìlẹ̀ ilé á sì máa yẹ̀ sókè sódò. Òkè ilẹ̀kùn ni ẹni tó gbọ́n ti ń wá ògiri tó sán.

Lórí "ìdílé Kristẹni Yorùbá nìkan" tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọdún 1968 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ka irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, Yorùbá tí ẹ fi kọ ọ́ ò sì lè gbà yín sílẹ̀. Ilé ni kí ẹ ṣàpèjúwe, ẹ má yan ẹni tó máa rà á.

Ẹ gbìyànjú èyí: "Yàrá 4, Mesquite. Ẹ fà á sósì, ká gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn pálọ̀ ni ilé ìdáná. Ẹ wo fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Yàrá tó kéré jù: ẹsẹ̀ 10 × 11."

Tó bá tà, mi ò béèrè kọ́míṣọ̀n. Kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù kan ti tó.

Àbúrò yín