Ẹ Wo Ọjọ́ Ajé Mi

Mi ò bá ẹni tó ń ṣe táìmtébù ilé-ẹ̀kọ́ wa l'Ókèhò jà o. Ẹni tí wọ́n fún ní rúlà, pẹ́ńsù àti odidi ilé olùkọ́ tó ń ráhùn, àánú rẹ̀ ló yẹ kó ṣe ni. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo èyí tó fún mi.

Ìṣirò ni mò ń kọ́. Kíláàsì mẹ́fà, píríọ́dù mẹ́rin mẹ́rin lọ́sẹ̀: 24. Wọ́n ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ní 24, ẹjọ́ wá parí síbẹ̀. Àmọ́ márùn-ún márùn-ún ni tirẹ̀ lójoojúmọ́, mẹ́rin lọ́jọ́ Ẹtì tí a máa ń tètè ṣíwọ́ nítorí Jímọ̀. Tèmi? Ajé, 8, ìyẹn gbogbo ọjọ́ náà pátá. Ìṣẹ́gun, 7. Ọjọ́rú, òfo. Ọjọ́bọ̀, 6. Ẹtì, 3. Nínú oòrùn Òkè-Ògùn yìí, tó bá fi di píríọ́dù kẹjọ, èmi gan-an ò mọ ẹ̀ẹ̀mejì méjì mọ́.

Ẹ má sì rò pé mò ń sinmi lỌ́jọ́rú. Ọjọ́rú ni àwọn kọ́pà wa ń lọ fún iṣẹ́ ìlú tí ìjọba là sílẹ̀ fún wọn lọ́sẹ̀. Táìmtébù ò mọ̀. Ó to iṣẹ́ wọn síbẹ̀. Kíláàsì bá ṣófo, wọ́n a ní, “Ọ̀gá Ìṣirò, ẹ̀yin lẹ ò níṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dí i.”

Ibi tó ti bà jẹ́ ni pé kíláàsì-kíláàsì ni wọ́n ń yẹ ìwé náà wò. Bí olùkọ́ kan ò bá ti wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó tán. Kò sẹ́ni tó ya ìwé tèmi nìkan sọ́tọ̀, kó ka Ajé, kó ka Ìṣẹ́gun. Ká ní wọ́n kà á ni, wọn ì bá béèrè bí kíláàsì mẹ́fà ṣe bí píríọ́dù mẹ́jọ lóòjọ́. SS1B ló ń rí mi láàárọ̀ tó tún ń rí mi ní kẹjọ, inú ẹnikẹ́ni nínú wa kì í sì í dùn ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Mo bá gbé pàṣípààrọ̀ lọ bá wọn. Jọ́gíráfì kọ́pà wà ní SS1B ní píríọ́dù kẹta Ọjọ́rú. Ìṣirò mi wà níbẹ̀ ní kẹjọ Ajé. Kọ́pà ò níṣẹ́ nígbà náà, èmi náà ò níṣẹ́ lỌ́jọ́rú. Ká pààrọ̀ wọn nínú kíláàsì kan náà, kò ní kan ẹlòmíràn. Irú mẹ́ta bẹ́ẹ̀ sọ Ajé di márùn-ún. Ti Ìṣẹ́gun le jù: olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ kó bá mi pààrọ̀ wà ní SS3 lásìkò náà, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ fún un.

Wọ́n gbà fún ti Ajé. Ó wá ku díútì. Ẹni tó ń to ìyẹn ò tilẹ̀ wo táìmtébù. Bí orúkọ ṣe tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ́jísítà ló ń tò ó, Ajé náà ló sì já mọ́ mi lọ́wọ́: géètì, gbígbálẹ̀, bíréèkì. Mo ní kí wọ́n bá mi pín in sí ọjọ́ mìíràn. Wọ́n ní àwọn ti pín in: àárọ̀ Ajé ní géètì, ọ̀sán Ajé níbi tí àwọn ọmọ ti ń jẹun.