Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Ẹ̀yìn Ni Áńkárá Wà

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ohun tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni pé kí oníṣòwò méjì jókòó, kí wọ́n wo ara wọn, kí wọ́n sì jọ wo ọjà. Lóde òní, ojú fóònù ni àwọn onísọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Modákẹ́kẹ́ gbà pé ọ̀rọ̀ wà: wọ́n á rí fọ́tò áńkárá lórí Wáàsáàpù, wọ́n á fi ṣọwọ́ sí olówò ńlá ní Gbági, Ìbàdàn, wọ́n á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Èló ni jálẹ̀?”

Àánú olówò náà a máa ṣeni, nítorí pé fọ́tò kan ṣoṣo lè jẹ́ ti aṣọ méjì tí owó wọn jìnnà síra. Áńkárá oníwáàsì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ìda tàbí oje dí apá kan lára rẹ̀ kí aró má baà mu ún, máa ń ní àwòrán kan náà lójú àti lẹ́yìn, nígbà tí èyí tí wọ́n kàn tẹ àwòrán sí lójú kan máa ń ṣá lẹ́yìn. Ẹ̀yìn yìí gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í yà, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò kò sì lè sọ bóyá òwú ni aṣọ tàbí ọ̀rá, bóyá ọ̀pá mẹ́fà ni tàbí márùn-ún.

Iye tó kéré jù tí olówò lè tà, tí wọ́n máa ń gbàgbé láti béèrè, tún wà níbẹ̀. Bí a bá fi ṣe àpẹẹrẹ pé ẹ̀yọ kan jẹ́ ₦10,000 fún ẹni tó gba 5, tí ọkọ̀ sì gba ₦4,000, ₦10,800 ni ẹ̀yọ kọ̀ọ̀kan yóò dé Modákẹ́kẹ́. Bí ó bá jẹ́ ₦9,000 fún ẹni tó gba 20, tí ọkọ̀ gba ₦6,000, ₦9,300 ni. Ẹni tí kò béèrè yóò rò pé ọ̀kan náà ni owó méjèèjì, ẹni tó sì sáré gba 20 nítorí ẹ̀dínwó lè bá 15 lórí igbá títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè tó pé kò gùn: “Ẹ kú ọjà, Àlàájà. Ṣé oníwáàsì olówùú ni èyí, ọ̀pá mélòó sì ni? Mélòó ló kéré jù tí ẹ ń tà, ṣé a lè da àwọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀? Èló ni yóò jẹ́ pẹ̀lú owó ọkọ̀ dé Modákẹ́kẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ẹ̀yìn aṣọ náà ránṣẹ́.” Olówò tí kò bá fẹ́ ya ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, kò yẹ kí owó kankan lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.