Àgbà Òṣìkà Orí Fóònù

Àwọn baba wa tí wọ́n pa á lówe pé, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," kò rò ó kọjá ibi tí ojú wọn tó. Lójú tiwọn, bó ti wù kí ìkà inú àgbà pọ̀ tó, yóò kúkú gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan náà tán, láti orí dé ìdí, kó tó gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí odidi mọ̀lẹ́bí, àtọmọdé àtàgbà, yóò gbọ́ ìlàjì ẹjọ́ ẹnìkan, tí wọn yóò sì ti dá a kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó jinná. Àwa tí a bá Wọ́ọ̀sáàpù láyé ni ó ṣojú wa.

Ẹ bá mi wo ìdílé kan, tí n kò ní dárúkọ, àwọn ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ọlálọmí, tí gbogbo Yorùbá ń fi ìjàkadì kì. Àwọn baba ńlá wọn a máa ja ìjàkadì náà ní gbangba òde, tí òǹwòran yóò rí oníjà méjèèjì láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó mọ ẹni tó dá ẹnìkejì; ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ wọn, tí wọ́n ti fọ́n ká Ìbàdàn, Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, inú gúrúùpù ẹbí ni wọ́n ń jà á sí. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, àbíkẹ́yìn wọn obìnrin ju sikirinṣọ́ọ̀tì kan síbẹ̀, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wá wo ohun tí ìyàwó yín ń kọ sí mi o!" Ìyàwó tí ó ń wí ni aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí Màmá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwòrán náà kò ju èyí lọ: "Èmi ò lè ṣe é mọ́. Ẹ wá gbé Màmá kúrò níbí kí ilẹ̀ tó mọ́."

Ha! Ilé dàrú. Ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ gbígbóná ránṣẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye màlúù tí wọ́n pa níbi ìgbéyàwó obìnrin náà. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò rí Màmá sójú láti ìgbà tó ti rékọjá òkun, ni ó kọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́ pé kó kẹ́rù rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó béèrè pé ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni àkọ́bí wọn obìnrin, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fi bẹ̀rẹ̀. Ó gbé awò sójú, ó wo àwòrán náà bí ẹni ń yẹ ìwé ìdánwò wò. 11:42 PM tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni àkókò tí wọ́n kọ ọ́, Wọ́ọ̀sáàpù kì í sì í kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ aago yẹn. Ọjọ́ a máa dá dúró láàárín ojú ewé, lókè ọ̀rọ̀ tó ṣáájú lọ́jọ́ náà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gé òkè àwòrán ti gé ọjọ́ dànù. Ohun kejì tó rí ni pé etí àpótí kékeré kan ṣẹ́kù lókè ọ̀rọ̀ náà, irú èyí tí í máa wà nígbà tí ènìyàn bá fa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láti fèsì sí i. Èsì ni ohun tí wọ́n gbé wá, wọ́n sì ti gé ìbéèrè sọ nù.

Kò kọ nǹkan kan sínú gúrúùpù. Ó pe ìyàwó lórí fóònù, ó ní kó ka ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fún òun; lẹ́yìn náà ó pe àbíkẹ́yìn, ó fi oríkì rẹ̀ pè é, ó ní, "Àdùkẹ́ mi, kí lo kọ sí i tó fi fún ọ lésì yẹn?" Àdùkẹ́ dákẹ́ lọ bí omi inú àmù. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ náà. Màmá ń bì lóru, wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, àwọn yẹn ní ọ̀rọ̀ náà ju agbára àwọn lọ. Àdùkẹ́ wá kọ̀wé láti Èkó pé kí wọ́n fún Màmá ní àgbo, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n sùn síbẹ̀ di ọ̀la. Àgbo náà ni ìyàwó ní òun kò lè fún wọn mọ́. Ilé ìwòsàn náà ni ó ń pè ní "níbí". Ohun tó sì jí òkú ọ̀rọ̀ yìí dìde kò farasin: ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ìyàwó béèrè nínú gúrúùpù pé owó oògùn Màmá tí àwọn kan ṣèlérí dà.

Lẹ́yìn èyí ni Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ wá kọ tirẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ọlálọmí. Mo ti rí àwòrán náà, ó sì ba ni nínú jẹ́ láti kà. Mo bá Màmá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, ara wọn le. Mo ti bá àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Òru tí a gbé Màmá lọ sí ọsibítù ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyàwó wa kọ ọ́. Ọsibítù ni ó ní kí á ti gbé wọn, kì í ṣe ilé rẹ̀. Èyí tó kù, ojúkojú ni ká fi sọ ọ́, nílé wa n'Íbàdàn, ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láago mẹ́rin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àwòrán náà ránṣẹ́ síta."

Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dunni, nítorí ẹni tí inú ń bí kì í gbọ́ àlàyé ẹni tó ní kò sí nǹkan kan. Ìlera Màmá ṣáájú àròyé, nítorí òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn tó ń fi tọkàntọkàn bínú. Kò dárúkọ Àdùkẹ́, kò sì sọ ẹni tó gé àwòrán. Ẹni tí a bá dójú tì níṣojú gbogbo ẹbí yóò wá àwòrán mìíràn lọ ni. Ìdí kan náà ni ó fi kọ̀ fún ìyàwó nígbà tí ó fẹ́ gbé gbogbo ọ̀rọ̀ òru ọjọ́ náà síta láti fi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi ẹsẹ Bíbélì gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, bí àwọn oníwà tútù kan ti máa ń ṣe, tí wọn yóò ní àwọn kò bínú, tí èébú wọn yóò sì gba ẹnu wòlíì jáde.

Ó ní kí ádímìn pa àwòrán náà rẹ́, ó sì ṣe é. Ṣùgbọ́n fóònù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni í máa fi àwòrán pamọ́ fúnra rẹ̀ bó bá ti wọlé, ìparẹ́ inú gúrúùpù sì lè má kan èyí tó ti wọ inú àpótí fọ́tò.

Nígbà tí Sọ́ńdè pé, àwọn mẹ́rin péré ló yọjú, Àdùkẹ́ sì wà lára wọn. Ẹni tó fohùn ránṣẹ́ kò wá, ẹni tó ka màlúù kò wá, ará Lọ́ńdọ̀nù kò pè. Àwọn mẹ́rin náà ló dá owó oògùn.