Bàtà Onílé

Lọ́jọ́ tí owó-oṣù mi àkọ́kọ́, ₦150,000, wọlé, ńṣe ni mo ń rìn bí olóyè. Mo pín in: oúnjẹ ₦50,000, owó ọkọ̀ ₦35,000, ìfipamọ́ ₦25,000, fàájì ₦15,000. Ó wá ku ₦25,000 tí n kò mọ iṣẹ́ tó wá ṣe. Mo fi ra bàtà.

Mo gbàgbé pé ọdọọdún ni onílé wa ń gbowó. Ẹ pín ₦300,000 sí ọ̀nà 12, ẹ ó rí bàtà mi níbẹ̀.

Ní báyìí, bí owó bá ti wọlé, owó ilé ni mo kọ́kọ́ ń yọ sínú àkáǹtì tí kò ní káàdì. Bàtà náà kò ṣòfò ṣá. Òun ni mo wọ̀ lọ bẹ onílé.